Fíríìjì tó ń ró gbàràgbàrà: ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sí i kí ẹ tó tú síkúrúù

Ní àárọ̀ Sátidé kan, màmá kan ní Òkè-Baálẹ̀, níbí ní Òṣogbo, pè mí pé kí n tètè máa bọ̀, fíríìjì àwọn ti fẹ́ kú. Mo ní kí ló ń ṣe é. Wọ́n ní ó ń ró bí ìgbà tí ọmọdé bá kó owó ẹyọ sínú agolo mílíìkì tó wá ń mì ín. Mo bi wọ́n bóyá ó ṣì ń tutù. Wọ́n ní omi inú rẹ̀ ń ta èèyàn léyín. Ọkàn mi balẹ̀ níbẹ̀, torí pé fíríìjì tó ń pariwo tó sì ń mú omi tutù dáadáa, kì í sábà jẹ́ inú kọ́ńpúrẹ́sọ̀ ni wàhálà rẹ̀ wà. Ó lè jẹ́ pé nǹkan kan ló tú, tàbí kó jẹ́ pé nǹkan méjì ló ń kan ara wọn.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó láti Àlékùwòdó ni, ọjọ́ mẹ́ta péré. Aládùúgbò tuntun kan ti sọ fún wọn pé kọ́ńpúrẹ́sọ̀ ti lọ, pé òun mọ ẹni tó máa rà á bẹ́ẹ̀. (Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹrù yín ní owó pọ́ọ́kú kì í pẹ́ rí àrùn tó ń ṣe é.) Iṣẹ́ tí mo ṣe níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí, torí pé ẹni tó bá ní sùúrù lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ibi tí kò yẹ kí ẹ fọwọ́ kàn, màá sọ ọ́ bí a bá débẹ̀.

Ìgbà wo ló ń ró?

Ẹ má tíì fa fíríìjì kúrò lára ògiri. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ pa fáànù yàrá, kí ẹ wá gbé àga tì í. Ẹ jókòó bí ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ lè tàn kó sì kú lójú yín, ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe èyí. Wọ́n á kàn gbọ́ ariwo, wọ́n á ti mú sukudiráfà. Síbẹ̀, ìgbà tí ariwo bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó dákẹ́ ló ń sọ ibi tó ti wá.

Kí ẹ tó jókòó, ẹ kó gbogbo ohun tó wà lórí fíríìjì kúrò. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nínú ilé wa, orí fíríìjì ni sitebiláísà ń gbé, òun pẹ̀lú fíláàsìkì, tíréè ife, àti ike oògùn. Ife méjì tó ń kan ara wọn lórí tíréè lè dà bí ẹni pé kọ́ńpúrẹ́sọ̀ ń fọ́. Nílé màmá yìí, a kó tíréè àti fíláàsìkì kúrò, ariwo kò yí padà. Ìyẹn náà ti jẹ́ ìdáhùn kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ ti igun òkè fíríìjì díẹ̀. Bó bá ń mì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò kanlẹ̀ nìyẹn. Ẹ yí ẹsẹ̀ tó wà níwájú nísàlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni ọwọ́ lè yí, títí tí kò fi ní mì mọ́. Ẹ jẹ́ kí iwájú ga ju ẹ̀yìn lọ ní ìwọ̀nba kékeré, kí ilẹ̀kùn lè máa padé fúnra rẹ̀.

Ó wá ku kí ẹ gbọ́ ọ. Ariwo tó ń dákẹ́ bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn, tó tún bẹ̀rẹ̀ bí ẹ bá tì í, fáànù inú ni. Nínú ọ̀pọ̀ fíríìjì tí kì í di yìnyín, bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́nu ilẹ̀kùn tó máa ń dá fáànù inú dúró bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí. Bí ẹ bá fi ìka tẹ bọ́tìnnì yẹn mọ́lẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí, fáànù á tún máa yí, ẹ ó sì gbọ́ ariwo náà ní gbangba. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn, nísàlẹ̀, ló ti ń wá, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kọ́ńpúrẹ́sọ̀, tó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ títí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ á fi kú, ẹ fura sí àwo omi tàbí fáànù ẹ̀yìn. Bó bá sì jẹ́ pé ìgbà tí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ bá ń tàn àti ìgbà tó bá ń kú ló máa ń gbọn gìrìgìrì jù, páìpù ló ń kan nǹkan, tàbí rọ́bà ẹsẹ̀ kọ́ńpúrẹ́sọ̀. Ìdí ni pé ẹ̀rọ inú agolo kọ́ńpúrẹ́sọ̀ yẹn, orí sípíríǹgì ló jókòó lé. Nígbà tó bá ń sáré déédéé, kì í fi bẹ́ẹ̀ mì. Ìgbà tó bá fẹ́ gbéra àti ìgbà tó bá fẹ́ dúró ló máa ń ta gbọ̀n-ọ́n, tí gbogbo páìpù tó so mọ́ ọn á sì bá a ta.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nípa iná. Bí ariwo bá jẹ́ kíkùn bí oyin, tó jẹ́ ìgbà tí ẹ bá wà lórí ínfátà tàbí jẹnẹrétọ̀ kékeré nìkan ló ń ṣẹlẹ̀, tó sì dákẹ́ nígbà tí iná ìta bá dé, ẹ má wulẹ̀ tú nǹkan kan. Iná tó ń wọ inú rẹ̀ ni kò dán, síkúrúù kankan kò lè tún un ṣe.

Ti màmá yìí, ariwo rẹ̀ tàn pẹ̀lú kọ́ńpúrẹ́sọ̀, ó lọ títí tó fi kú, ó sì ta gìrì kan sí i nígbà tó ń kú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé nǹkan méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan.

Àwo omi tó wà lórí kọ́ńpúrẹ́sọ̀

Fíríìjì tó ń yọ́ yìnyín ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ihò kan nínú, lẹ́yìn, tí omi ń gbà sọ̀ kalẹ̀ sínú àwo kan nísàlẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, orí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ gan-an ni àwo yẹn jókòó lé, kí ooru kọ́ńpúrẹ́sọ̀ lè máa gbẹ omi náà. Ike ló sábà máa ń jẹ́. Síkúrúù kan tàbí ìkọ́ ike ló dì í mú. Nígbà tí wọ́n bá gbé fíríìjì sẹ́yìn ọkọ̀ tó gba ojú ọ̀nà tó kún fún kòtò, ìkọ́ yẹn á fò, àwo á wá jókòó lórí irin gbígbóná láìsí ohun tó dì í mú, á sì máa jó.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò rèé. Ẹ rọra fa fíríìjì síwájú kí ẹ lè dé ẹ̀yìn rẹ̀. Bí pálí tàbí irin pelebe kan bá bo ìsàlẹ̀, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kí ẹ tó tú síkúrúù rẹ̀, kí ẹ sì ka iye síkúrúù náà. Ẹ tún tan fíríìjì lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, kì í ṣe kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Kọ́ńpúrẹ́sọ̀ tí wọ́n bá pa tí wọ́n sì tàn lójú ẹsẹ̀, ìfúnpá gáàsì inú rẹ̀ kò tíì wálẹ̀. Á kàn máa kùn, kò ní lè gbéra. Nígbà tó bá ti ń ṣiṣẹ́ tó sì ń pariwo, ẹ mú ọmọ orógùn gbígbẹ, ẹ fi orí rẹ̀ tẹ etí àwo náà mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán tẹ̀ ẹ́. Ojú wáyà wà lára kọ́ńpúrẹ́sọ̀, páìpù kan níbẹ̀ gbóná tó lè bó ọwọ́, ó sì ṣeé ṣe kí fáànù máa yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọdé kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀ rárá.

Mo tẹ ti màmá yìí. Ariwo agolo yẹn dá wáí. Mo gbé orógùn kúrò, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n lè fi etí ara wọn gbọ́ ọ.

Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé àwo yìí náà ni wọ́n ní kí n torí rẹ̀ ta fíríìjì?”

Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, a ò tíì débi tí a ń lọ.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ jẹ́ kí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ tutù, kí ẹ wá gbé àwo náà jáde. Ẹ mú un ní ìbú, omi ìdọ̀tí lè wà nínú rẹ̀, òórùn rẹ̀ kò sì dára. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wò bóyá ó ti sán. Ẹ wo ìkọ́ rẹ̀: ṣé ó ti dá ni, àbí ó kàn fò? Bó bá fò lásán, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà títí tí yóò fi dún pẹ́. Bí ó bá jẹ́ síkúrúù ló tú, ẹ dè é padà, àmọ́ ẹ má ṣe fi agbára dè é jù, ike ni, á fọ́. Bí ìkọ́ bá ti dá, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́, ẹ gba rọ́bà inú táyà tí kò wúlò mọ́. Ẹ gé e sí pelebe mẹ́ta, tó fẹ̀ tó ìka méjì. Ẹ tò ó sí ojú mẹ́ta lórí kọ́ńpúrẹ́sọ̀, níbi tí àwo ti máa jókòó, jìnnà sí ojú wáyà. Ẹ gbé àwo lé e, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì mọ́.

Ohun tí mo bá nísàlẹ̀ àwo màmá yìí ni ìwé ọmọ iléèwé tí wọ́n ṣẹ́ po. Ọmọ wọn ọkùnrin ló fi há a ní ọjọ́ kejì tí wọ́n kó dé, ariwo sì dákẹ́ fún alẹ́ kan. Ìwé máa ń mu omi, ooru á tún gbẹ ẹ́, á wá tẹ́ pẹlẹbẹ, ariwo á padà. Fóòmù náà kò dára níbẹ̀, ooru máa ń jẹ ẹ́ títí yóò fi di ẹ̀tù. Àwọn mìíràn a máa fi gọ́ọ̀mù lẹ àwo mọ́ kọ́ńpúrẹ́sọ̀. Àwo yẹn gbọ́dọ̀ ṣeé yọ fọ̀, torí náà ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ti kíyè sí ohun kan lẹ́nu iṣẹ́ yìí: ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n máa ń pè mí jù nítorí àwo. Omi inú àwo máa ń gbẹ tán nígbà yẹn, àwo òfìfo á fúyẹ́, á sì máa jó. Nígbà òjò, omi inú rẹ̀ máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, èèyàn kò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Nítorí náà, bí ariwo bá dákẹ́ fúnra rẹ̀ ní oṣù kẹfà, ìyẹn kò sọ pé àwo ti dì mọ́lẹ̀.

Páìpù tó ń kan nǹkan

Lẹ́yìn tí mo to rọ́bà sábẹ́ àwo tí a sì tún tan fíríìjì, ariwo agolo ti lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ kú, ó tún ta gìrì, “zzzz-gbọ̀n,” bí ìgbà tí eṣinṣin ńlá bá há sínú ike. Ariwo àwo ló ti ń bo èyí mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo dúró ìdajì wákàtí kí páìpù lè tutù, mo wá tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹ máa rí páìpù mélòó kan níbẹ̀. Èyí tó nípọn jù ló ń gbé gáàsì padà wá sínú kọ́ńpúrẹ́sọ̀, òun ló máa ń tutù. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ jù ú lọ ló ń gbé gáàsì jáde, òun ló ń gbóná. Kùkùté kan wà tí wọ́n ti tẹ ẹnu rẹ̀ pa, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ gáàsì. Páìpù kan tún wà tó rí bí okùn wáyà, kò nípọn ju ìwọ̀n ìlà méjì nínú rúlà mìlímítà lọ. Ìyẹn ẹlẹgẹ́ ni. Ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Bí ó bá ṣẹ́ po lẹ́ẹ̀kan, gáàsì kò ní lè kọjá mọ́, fíríìjì á sì di kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá sì rí i pé ó dì mọ́ páìpù tútù, ilé iṣẹ́ tó ṣe fíríìjì ló mọ̀ọ́mọ̀ so wọ́n pọ̀, ẹ má ṣe tú wọn.

Ohun tí ẹ ń wá ni ibi tó dán. Bàbà tó bá ń ha ara irin, ọ̀dà tàbí ìdọ̀tí ara rẹ̀ á bó, ojú kan á wá máa dán yinrin bí òrùka tuntun. Lára irin tó dojú kọ ọ́, ẹ ó rí ilà kan. Ti màmá yìí, páìpù gbígbóná ló ti tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé fíríìjì, bóyá ẹnì kan di í mú bí ọwọ́ ìlẹ̀kùn, tó sì ń kan etí irin tó wà nísàlẹ̀. Ibi tó dán náà kò ju èékánná ìka kékeré lọ.

Ariwo yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń mọ́ra. Híha yẹn ń jẹ bàbà díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀, á lu, gáàsì á sì jáde tán. Owó jíjó páìpù àti rírọ gáàsì tuntun yàtọ̀ pátápátá sí owó ègé rọ́bà kan.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ ka ìwé kékeré tó wà lẹ́yìn fíríìjì tàbí lára kọ́ńpúrẹ́sọ̀. Bí ẹ bá rí R134a, gáàsì yẹn kì í gbiná bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí R600a, ẹbí gáàsì ìdáná ni, ó ń gbiná. Fìtílà, ìṣáná, sìgá, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Bí ẹ bá ń ti páìpù tí ẹ wá gbọ́ “ṣíííí,” ẹ fi í sílẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ẹ má tan iná, ẹ má sì pa á, kí gbogbo yín bọ́ síta. Òórùn rẹ̀ kò hàn bíi ti gáàsì ìdáná, ẹ má dúró kí ẹ lè gbóòórùn rẹ̀.

Ó wá kan títì. Ẹ má fi pílása mú un. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di páìpù ní àárín ibi tó gùn jù, jìnnà sí ẹnu kọ́ńpúrẹ́sọ̀, jìnnà sí ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Ẹ tì í jẹ́jẹ́, kí ó rìn ní ìwọ̀n nínípọn báírò kan péré. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ wò ó. Bàbà máa ń padà díẹ̀, torí náà ẹ lè tì í lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí àlàfo tó lè gba ìka kékeré bá ti wà láàárín páìpù àti irin, ó tó. Ẹ má lépa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí páìpù bá le tí kò fẹ́ rìn, ẹ má bá a jà.

Níbi tí kò bá sí àyè láti tì í, ẹ gé rọ́bà tó gùn tó ìka, irú ọ̀pá rọ́bà tí àwọn mẹkáníìkì fi ń gbé epo. Ẹ fi abẹ la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ fi bo páìpù níbi tó dán yẹn. Okùn ike tí àwọn oníwáyà fi ń di wáyà ni kí ẹ fi so ó, kí ó má sì fún jù. Ẹ má so páìpù gbígbóná mọ́ èyí tó tutù, kódà bí ó bá mú ariwo dákẹ́. Ooru ẹ̀yìn ni ẹ ń dá padà sínú ilé bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ ṣì wà níbẹ̀, ẹ fọwọ́ mi kọ́ńpúrẹ́sọ̀ díẹ̀. Rọ́bà mẹ́rin ló jókòó lé. Ó yẹ kí ó mì pẹ́kẹ́ lórí wọn. Bí kò bá mì rárá, ẹnì kan ti fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ jù, gbígbọ̀n rẹ̀ á sì máa lọ tààrà sínú irin fíríìjì. Bí rọ́bà bá ti le bí òkúta, èyí tó wọ́pọ̀ nínú tòkúnbọ̀, wọ́n ń ta rọ́bà tuntun lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta pááàtì fíríìjì. Ẹ yọ ọ̀kan mú lọ́wọ́ kí wọ́n lè bá yín wá irú rẹ̀.

Fáànù

Bí yìnyín bá ń hù nínú fíríìsà yín tó jẹ́ pé ẹ ní láti yọ́ ọ fúnra yín, ó ṣeé ṣe kí ó má ní fáànù kankan rárá, ẹ lè fo ibí yìí. Èyí tó ní fáànù inú ló ń fẹ́ atẹ́gùn tútù jáde láti ẹ̀yìn.

Ariwo fáànù inú yàtọ̀. Ẹ rántí bí a ṣe ń fi pálí há ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ nígbà tí a wà ní kékeré kó lè máa dún bí alùpùpù? Bó ṣe ń dún gan-an nìyẹn, “tírírírí.” Yìnyín ló sábà máa ń jẹ́ pálí náà. Arákùnrin kan ní Ayétòrò sọ fún mi pé ìgbà tí iná bá lọ lóru tó sì dé láàárọ̀ ni tirẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó rí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Iná lọ, yìnyín ẹ̀yìn yọ́ díẹ̀, omi kán sí etí fáànù. Iná dé, omi náà dì níbẹ̀, bíléèdì wá ń gbá a.

Ẹ má fi ọ̀bẹ gún un. Mo ti rí ju ẹyọ kan lọ tí ọ̀bẹ lu páìpù inú rẹ̀, ìyẹn sì ni òpin fíríìjì fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ kó oúnjẹ jáde, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ ṣí ilẹ̀kùn gbogbo sílẹ̀, ẹ tẹ́ aṣọ ìnura sílẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ láti alẹ́ di alẹ́ ọjọ́ kejì bí yìnyín bá pọ̀. Yìnyín tí ẹ kò rí lẹ́yìn pálí inú náà gbọ́dọ̀ yọ́ tán. Lẹ́yìn náà, ẹ da ìdajì ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ihò omi tó wà lẹ́yìn nínú, kí ẹ lọ wò bóyá ó dé inú àwo ìsàlẹ̀. Bí kò bá dé, ihò ti dí, yìnyín á tún padà. Ẹ tún yẹ rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn wò: ẹ ti ilẹ̀kùn pa owó bébà kan, ẹ fà á. Ó yẹ kí ó di owó mú díẹ̀. Ibi tí owó bá ti yọ wọ̀ọ́ láìjà, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà wọlé tó ń di yìnyín.

Bí ariwo bá padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ihò sì mọ́, tí rọ́bà sì dì, ohun tó ń yọ́ yìnyín nínú rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́. Oníṣẹ́ tó ní mítà ló lè yẹ ìyẹn wò.

Fáànù ẹ̀yìn, fún èyí tó ní in, rọrùn jù. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ fi ìka yí bíléèdì. Ó gbọ́dọ̀ yí wẹ́rẹ́ láìha ibì kankan. Láílọ́ọ̀nù, òkú aláǹgbá, òwú eruku, gbogbo rẹ̀ ni mo ti fà jáde níbẹ̀ rí. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ nù ún. Lẹ́yìn náà, ẹ di àárín bíléèdì mú kí ẹ mi ọ̀pá rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń mì lọ́nà tí ojú rí, inú mọ́tò rẹ̀ ti jẹ. Ẹ̀kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ kan lè mú kí ó dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fi wá owó mọ́tò tuntun. Bíléèdì tó ti kán ní ẹ̀gbẹ́ kan kò ṣeé lẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń yọ ti àtijọ́, ẹ fi máàkà kọ ojú tó kọ síta, torí pé bíléèdì tí a bá yí ojú rẹ̀ padà kò ní fẹ́ atẹ́gùn bó ṣe yẹ mọ́.

Ibi tó ti kọjá ọwọ́ yín

Bí ẹ bá gbọ́ kíkùn fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, tó wá dún “tàk,” tó dákẹ́, tó tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, tí fíríìjì kò sì tutù, ẹ yọ ọ́ lára iná. Ó lè jẹ́ iná tó lọ sílẹ̀ jù, ó lè jẹ́ ríléè tó ń ran kọ́ńpúrẹ́sọ̀ lọ́wọ́ láti gbéra, ó sì lè jẹ́ kọ́ńpúrẹ́sọ̀ gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá tẹ àwo, ẹ ti páìpù, ẹ yẹ fáànù wò, tí ó sì jẹ́ pé inú agolo kọ́ńpúrẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ti ń gbá “kò-kò-kò.” Ó lè jẹ́ sípíríǹgì inú rẹ̀ ló ti já, rọ́bà kankan kò lè dé ibẹ̀. Ti omi tó ń dún “gulugulu” lẹ́yìn tí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ bá kú, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀, gáàsì ló ń sàn.

Nílé màmá, mo ti páìpù náà lẹ́ẹ̀mejì kí àlàfo tó yọ. Mo tọrọ ọ̀dà èékánná lọ́wọ́ ọmọbìnrin wọn, pupa ni, mo kùn ún sí ibi tó dán yẹn, mo jẹ́ kó gbẹ. A dá pálí ẹ̀yìn padà pẹ̀lú síkúrúù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ti fíríìjì padà, àmọ́ mo fi àyè tó tó àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri. A tàn án, mo sì jókòó títí ó fi kú lẹ́ẹ̀mejì. Ó kú, kò ta gìrì.

Mo sọ fún wọn pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì, kí ọmọkùnrin wọn tú pálí ẹ̀yìn kó tan tọ́ọ̀ṣì sí ọ̀dà pupa yẹn. Bí ó bá ti bó, páìpù ṣì ń ha irin nígbà tí a kò sí níbẹ̀, màá wá fi rọ́bà bò ó. Ọ̀sẹ̀ pé, ọmọ náà fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ọ̀dà náà ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe kùn ún, eruku díẹ̀ ló bò ó.